Ka bóòdù fún mi

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ṣéènì rẹ̀ lọ tà lóṣù tó kọjá, ó sì bínú dé ilé mi. Ó ní iye tí alágbẹ̀dẹ góòlù fi rà á lọ́wọ́ òun kéré sí iye tó kọ sára ògiri pé òun ń tà á, pé olè ni gbogbo wọn. Mo ní kó jókòó. Ọmọ alágbẹ̀dẹ góòlù ni èmi náà, mo mọ ibi tí olè wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì mọ ibi tí kò sí. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò, kò jìnnà sí ọjà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá ti wá, àmọ́ Kánò ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí èmi sí. Tábìlì iṣẹ́ wọn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè da iná wọn láàmú. Òṣùwọ̀n wà nínú àpótí onígíláàsì ní àárín. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè rí i, ni bóòdù wà: pátákó dúdú bíi ti ilé ìwé, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sí láràárọ̀.

Bóòdù náà kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, 18, 21 àti 22. Ọwọ́ òsì sọ pé "À ń rà", ọwọ́ ọ̀tún sọ pé "À ń tà". Iye náírà fún gíráàmù kan ló wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Owó mẹ́fà péré. Títí mo fi pé ọmọ ọdún méjìlá, mo máa ń rò pé ńṣe ni Bàbá kàn ń ronú iye tó bá wù wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á wá pè é fún Bọ̀dá láti kọ sílẹ̀.

Bọ̀dá ni jọ́nímáànù wọn, ọmọ ìlú wa, tó ti wà lọ́dọ̀ Bàbá láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń lò fún un nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà yẹn, "ẹ" ni mo máa ń fún un, orí ìkúnlẹ̀ sì ni mo ti ń kí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1999 ni Bàbá sọ fún mi pé kí n máa yà ní ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì wọn, wọ́n á kọjú síná, wọ́n á ní, "Ìyá mi, ka bóòdù fún mi." Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, máa kà á sókè. Wọ́n á ní, "Ó dáa." Èmi á sáré lọ. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi, pé wọ́n fẹ́ kí ẹnu mi dá ṣáṣá nínú ìṣirò. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, torí pé lọ́jọ́ Sátidé tí ilé ìwé kò sí, wọ́n á pè mí jókòó, wọ́n á sì ṣàlàyé ibi tí owó mẹ́fà yẹn ti wá.

Wọ́n fi gaàrí kọ́ mi ní káràtì. Wọ́n ní ká sọ pé ìgò 24 ló kún àpò kan. Bí gbogbo 24 bá jẹ́ gaàrí, góòlù pọ́ńbélé nìyẹn, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, bí èèyàn bá fi ṣe òrùka, òrùka á tẹ̀. Nítorí náà wọ́n máa ń po fàdákà àti bàbà mọ́ ọn kó lè le. Bí gaàrí bá jẹ́ 18, tí ìgò mẹ́fà tó kù sì jẹ́ iyanrìn, góòlù 18 nìyẹn, tí àwọn ará Ítálì fẹ́ràn láti máa ṣe. Bó bá jẹ́ 21, ìyẹn ni èyí tí àwọn alálàájì wa ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà. 22 ni ti Íńdíà. "Ẹni tó bá ra àpò náà," Bàbá á wí, "gaàrí ló ń sanwó fún. Kò sẹ́ni tó ń ra iyanrìn."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tó fi jẹ́ pé owó kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ bóòdù tí kò hàn síta: owó káràtì kan nínú gíráàmù kan. Bí èèyàn bá ti ní ìyẹn, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ìlọ́po 21, ìlọ́po 22, iṣẹ́ ti parí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí owó káràtì kan? Ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń pe iye góòlù, ìgbà méjì lóòjọ́ iṣẹ́, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, dọ́là ni wọ́n sì fi ń pè é, fún áúnsì kan. Bàbá máa ń gbọ́ ti àná lórí rédíò Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí wọ́n tó kúrò nílé. Áúnsì ti góòlù sì kọ́ ni áúnsì ti ìyẹ̀fun o. Ti ìyẹ̀fun kò pé gíráàmù 29, ti góòlù lé díẹ̀ ní 31. Ẹni tó bá fi ti ìyẹ̀fun ṣírò á máa ra góòlù ní ọ̀wọ́n láì mọ̀. Lẹ́yìn rédíò, wọ́n á béèrè iye tí dọ́là jẹ́ lọ́wọ́ Mùsá aládùúgbò wa, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣẹ́ owó ní Wàpá. Lọ́dún yẹn, dọ́là kan kò jìnnà sí ọgọ́rùn-ún náírà, ìyẹn sì mú kí ìṣirò rọrùn fún ọmọdé.

Bàbá ti fi ìṣó gbẹ́ owó kan sí etí tábìlì wọn: 746. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní gíráàmù 31 lé díẹ̀ lọ́nà 24 ni. Ẹ sọ dọ́là di náírà, ẹ fi 746 pín in, owó káràtì kan dé nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án, góòlù wà ní nǹkan bí 270 dọ́là. Ìyẹn jẹ́ 27,000 náírà. Ẹ fi 746 pín in, ẹ ó rí 36 lé díẹ̀. Bàbá á gba 36, wọ́n á gbàgbé èyí tó lé.

Àmọ́ wọn kì í ra nǹkan ní 36. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti bínú nìyí. 32 ni wọ́n fi ń ra káràtì kan, 40 ni wọ́n fi ń tà á, owó iṣẹ́ ọwọ́ sì tún wà lọ́tọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn. Wọn kò bínú. Wọ́n mú ṣéènì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n fi ẹ̀mú ṣí ibi tí wọ́n fi ń há a, wọ́n yọ wáyà kékeré kan jáde bí irun ojú: irin ni, kì í ṣe góòlù, orí òṣùwọ̀n sì ti wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Wọ́n fi hàn mí níbi tí ẹnì kan ti lẹ̀ ẹ́ rí. Góòlù tí wọ́n fi ń lẹ ojú ìfọ́ kì í dára tó ara ṣéènì, torí ó gbọ́dọ̀ yọ́ kí ṣéènì tó yọ́. Bí wọ́n bá wá da gbogbo rẹ̀ sínú iná, díẹ̀ á bá iná lọ, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Wọ́n tún ní owó àwọn lè sùn nínú rẹ̀ fún oṣù méjì kí ẹni tó máa ra nǹkan tuntun tó dé, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì lè já wálẹ̀ lọ́la. Náírà mẹ́rin wálẹ̀, náírà mẹ́rin sókè. Ohun tí wọ́n fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ ewu nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ síta gbangba kí gbogbo ayé rí i. Èyí tó bá wà ní gbangba, ẹni tí kò wù á lè lọ.

Ohun tí bóòdù kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni irú góòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ òkúta dúdú. Bàbá á fi ohun tí ẹ gbé wá ha ara òkúta náà, á fi ìlà kékeré kan sílẹ̀, wọ́n á wá kán áásìdì sí i. Bó bá tó bí wọ́n ṣe ní ó tó, ìlà náà á dúró. Bí kò bá tó, á máa parẹ́ lójú yín. Bó bá jẹ́ bàbà tí wọ́n fi góòlù bò, á hó, á sì di àwọ̀ ewé. Ọkùnrin kan gbé ṣéènì ńlá wá lójú mi, wọ́n tẹ 750 sí i lára, èyí tó túmọ̀ sí 18 pátápátá. Bàbá fi fáìlì ha ibi kan jinlẹ̀ kí wọ́n tó fi ha òkúta. Ó hó fùú, ó di àwọ̀ ewé. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo bóòdù, ó ní, "Ṣé iye tó wà níbẹ̀ yẹn kò kàn mí ni?" Bàbá ní kò kàn án.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Ọdún 1999 yẹn, góòlù ti ń ṣàìsàn. Ní oṣù kárùn-ún ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn máa ta ju ìdajì góòlù tó wà nípamọ́ wọn lọ, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ títí tó fi súnmọ́ 250 dọ́là nígbà òjò. Bàbá kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójú wọn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kẹsàn-án, tí báńkì àgbà 15 ní Yúróòpù kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, fún ọdún márùn-ún, gbogbo àwọn pọ̀ kò ní tà ju 400 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Àwọn tó ti ń retí pé góòlù á máa ṣàn wọ ọjà bí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rà á padà. Iye rẹ̀ fò. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ohun tó bá yára gùn á yára sọ̀ kalẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó gbà. Rédíò ní ó ti tó 300 dọ́là. 30,000 náírà, ẹ fi 746 pín in: 40.

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Bàbá pe owó tuntun láti ìdí tábìlì wọn, Bọ̀dá ń nu ti àtijọ́, ó ń kọ. Káràtì kan, 36 ni wọ́n á máa rà á, 44 ni wọ́n á máa tà á. Nítorí náà, lábẹ́ "À ń rà": 18 jẹ́ 648, 21 jẹ́ 756, 22 jẹ́ 792. "Ìyá mi, ka bóòdù fún mi." Mo kà á. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo lọ sílé ìwé.

Ọjọ́ kejì ni 1 oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, ilé ìwé kò sí. Láàárọ̀, mo kà á bákan náà, kò yí padà, mo sì padà sílé lọ ran ìyá mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ní ọ̀sán, Bàbá lọ kírun, Bọ̀dá nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi gbé oúnjẹ Bàbá fún mi, pé kí n lọ gbé e dè wọ́n.

Mo bá Alhájà kan níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ìyá wa ní àdúgbò. Ó jókòó lórí àga oníbàárà, ó ń ka owó, ó sì gbé aṣọ tó fi di àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ wá sórí itan, aṣọ òfìfo. Àwọn ẹ̀gbà náà wà lórí òṣùwọ̀n, mẹ́fà, wọ́n tẹ 21 sí wọn lára. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa, kúure," wọn kò gbójú sókè, kí owó má bàa dà rú mọ́ wọn lójú. Bí mo ṣe dìde ni ojú mi bá bóòdù.

648. 672. 792.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé èmi ni mo ṣì í kà láàárọ̀. Ọmọdé ni mí, àgbàlagbà ló kọ ọ́. Ta ni yóò jàre? Mo gbìyànjú láti rántí ohun tí mo kà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rántí ni ó ń sá. Mo wá rántí pé kò pọn dandan kí n rántí. Bóòdù fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́rìí ara rẹ̀. 18 jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́fà mẹ́ta, 21 jẹ́ ẹ̀ẹ̀méje mẹ́ta. Torí náà, ohun yòówù kó wà ní ìlà 18, ẹ fi mẹ́fà pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méje, ohun tó yẹ kó wà ní ìlà 21 nìyẹn. Kò sí bí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ tí ìyẹn á yí padà. 648, fi mẹ́fà pín in, 108. Ìlọ́po méje 108 jẹ́ 756. Mo tún un ṣe. 756. Mo fi ìlà 22 dán an wò: 792, fi 22 pín in, 36. 648, fi 18 pín in, 36. 672, fi 21 pín in, 32.

32 jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà kẹta ti gbọ́ ìròyìn Yúróòpù, ti àárín kò tíì gbọ́. Ti àárín sì ni gbogbo àwọn ìyá wa máa ń gbé wá.

Alhájà ka owó tán, wọ́n di í sí ìdí ìró wọn, wọ́n dìde, wọ́n gbàdúrà fún Bọ̀dá, wọ́n lọ. N kò sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Yorùbá, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Ọmọ ọdún méjìlá kan náà ló máa dìde láàárín àgbà méjì, kó ní ọ̀kan nínú wọn ń jalè, lórí ìlọ́po méje tó ṣe nínú orí? Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo jókòó sórí àga tí Alhájà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Bọ̀dá wò mí, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo ní màmá mi ní kí n dúró gba abọ́.

Bàbá dé. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fọwọ́, wọ́n jókòó sídìí tábìlì wọn. Bọ̀dá ní Alhájà kan ti ta ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà, 40 gíráàmù, òun ti fi òkúta dán an wò, ó pé 21, òun san 30,240 náírà, òun sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ní ó ṣeun.

Mo dìde, mo lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró sí láràárọ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n ka bóòdù fún yín?"

Wọ́n ní, "Ṣé o kò tíì kà á láàárọ̀ ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ tún un kà."

Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á, láì yára, láì fa ohùn. Éjìdínlógún, ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀kànlélógún, ẹgbẹ̀ta ó lé méjìléláàádọ́rin. Éjìlélógún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo gbọ́ tí ṣíbí Bàbá kan abọ́, tí kò tún dún mọ́. Wọ́n ní kí n tún ìlà kejì kà. Mo tún un kà. Wọn kò wo bóòdù rárá. Ìgbà yẹn, tí mo dúró síbẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé n kò tíì rí Bàbá kí wọ́n wo bóòdù yẹn rí láti ìdí tábìlì wọn. Awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú wọn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ imú wọn, pẹ̀lú gíláàsì wọn, wọ́n ń rí i, àti òrùka àti òkúta. Àmọ́ láti tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, kùrukùru ni. Oníbàárà wo ló máa gbé góòlù fún afọ́jú? Ìyẹn ni wọn kò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyá mi. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ mi láràárọ̀.

Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ṣé o gbọ́ ohun tó kà?"

Bọ̀dá kò jiyàn. Ẹ wò ó, èmi ti retí pé yóò jiyàn, pé yóò ní ṣọ́ọ̀kì ló parẹ́ tàbí pé òun gbàgbé láti yí i padà. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá, ọdún kẹsàn-án mi rèé." Ó ní ọdún márùn-ún ni bàbá òun bá wọn ṣe àdéhùn. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá mẹ́nu ba fírídọ̀mù, wọ́n á ní ó di lẹ́yìn ọdún iléyá. Ó ní ó ti lé ní ọdún méjì tí òun ti mọ̀ pé wọn kì í rí bóòdù mọ́, òun kò sì sọ fún ẹnì kankan lọ́jà. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá dákẹ́ títí ọbẹ̀ fi dì nínú abọ́. Òótọ́ ni. Wọn kò fẹ́ kó lọ torí pé ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ríran.

Náírà 84 lórí gíráàmù kan, 40 gíráàmù, 3,360 náírà nìyẹn. Ó wà lápò Bọ̀dá, ó sì kó o jáde sórí tábìlì. Alágbẹ̀dẹ góòlù tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń kọ orúkọ ẹni tó tà fún un àti ibi tó ń gbé, nítorí ohun tí wọ́n jí gbé, nítorí náà a mọ ilé Alhájà. Àwọn ọjọ́ mìíràn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ìwé kò lè sọ wọ́n, torí iye tí Bàbá pè ló máa ń kọ síbẹ̀. Bọ̀dá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni. Bàbá kò bi í mọ́.

Wọ́n fi owó náà sínú àpòòwé, wọ́n rán mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní Bàbá ní àṣìṣe wà nínú ìṣirò, kí wọ́n má bínú. Alhájà kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní ọmọ wọn ló wà ní ọsibítù, owó oògùn ni àwọn fẹ́ fi san, pé èyí á jẹ́ kí àwọn má yá owó mọ́. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò retí. Wọ́n ní àwọn ti kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, pé kò sí èyí tó pè é tó iye tí Bọ̀dá san. Àwọn yẹn kò gbọ́ rédíò, tàbí wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́. "Èmi ò mọ̀ pé ẹ jẹ mí ní nǹkan kan," ni Alhájà wí. Mo rò ó dé ilé. Kò yé mi tán títí dòní.

Ìyá mi fẹ́ kí wọ́n lé Bọ̀dá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá kò gbà. Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún un, àlùfáà gbàdúrà, a se ìrẹsì. Wọ́n fún un ní ẹ̀mú, fèrè iná àti òkúta dúdú kan tó dára. Òṣùwọ̀n ni wọn kò fún un. Wọ́n ní kó lọ fi owó ara rẹ̀ ra ìyẹn.

Wọ́n gbé bóòdù kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, èmi ni mo ń kọ ọ́ títí mo fi jáde ilé ìwé girama. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú wọn, ọ̀kan là dáadáa.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo bá iṣẹ́ dé Kàdúná, ọ̀pá ìdè yẹtí mi sì ṣẹ́. Wọ́n júwe alágbẹ̀dẹ góòlù Yorùbá kan fún mi. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí irun funfun Bọ̀dá lórí tábìlì, ó ń fẹ́ná. Kò tíì rí mi. Bóòdù wà lára ògiri, funfun ni tòun, ìlà mẹ́ta, owó tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé Bàbá ì bá bú sẹ́rìn-ín. Mo mú ti 18, mo fi mẹ́fà pín in, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ìlọ́po méje. Nígbà tí mo wojú sílẹ̀, ó ti gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi tó ń mì.

Ó ní, "Ṣé ó pé?"

Mo ní, "Ó pé, Bọ̀dá."

Ó ní kí n jókòó, ó béèrè ojú Bàbá.